Ọjọ́ Kejì Tí Owó Kò Wọlé: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìránnilétí Àkọ́kọ́

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Mo rán yunifọ́ọ̀mù 40 fún àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan, ₦18,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n san ìdajì kí n tó gé aṣọ. A fẹnu kò pé ìdajì tó kù, ₦360,000, á wọlé lẹ́yìn ọjọ́ 14 tí mo bá kó aṣọ dé, mo sì kọ ọ́ sórí ínfọ́ìsì. Ọjọ́ 16 Oṣù Kẹsàn-án ni mo kó wọn dé, ọjọ́ 14 pé lánàá, n kò rí nǹkan kan. Alájà tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà tó ìyá mi, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Kí ni mo lè kọ sí wọn lónìí tí kò ní dà bíi pé mo ń sin wọ́n ní gbèsè, tí owó mi á sì jáde?*

Ẹ má kọ nǹkan kan lónìí. Ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá la wà yìí, ọjọ́ òmìnira, ìsinmi sì ni fún gbogbo ọ́fíìsì. Òtẹ́ẹ̀lì kì í tilẹ̀kùn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń san owó jáde níbẹ̀ lè má sí lórí ìjókòó. Bí iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ bá bá a nílé, á kà á tán, á ní òun á mójú tó o bí òun bá dé ibi iṣẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ọ̀la bá sì fi mọ́, ohun mìíràn á ti bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀la tí í ṣe Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá òwúrọ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to iṣẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bákan náà ni bí ọjọ́ àdéhùn bá bọ́ sí Ẹtì: òwúrọ̀ Ajé ni ọjọ́ kejì rẹ̀, kì í ṣe Àbámẹ́ta.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má jẹ́ kí ó kọjá ọ̀la. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tí mo ń bá ṣe ìwé owó ló gbà pé ìwà ọmọlúwàbí ni kéèyàn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó bínú, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi. Owó lè wà lójú ọ̀nà, ìwé lè wà lábẹ́ ìwé mìíràn, ẹ sì lè béèrè rẹ̀ bí ẹni ń béèrè aago. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkàn tiyín ti gbóná, ojú ti ń ti àwọn náà, kò sì sí bí ẹ ṣe lè kọ gbólóhùn tó tutù tí wọn ò ní gbọ́ gbígbóná inú rẹ̀. Nítorí pé ó tètè dé ni ìránnilétí àkọ́kọ́ ṣe lè jẹ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

Ìsinmi òní yìí wúlò fún nǹkan kan: ẹ fi yẹ ilé ara yín wò. Kò sí ohun tó ń ba àárín oníṣẹ́ àti oníbàárà jẹ́ bíi kí a rán èèyàn létí owó tó ti san. Ẹ ṣí àkáǹtì yín, kí ẹ sì wá iye owó náà, kì í ṣe orúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Ìdí ni pé owó lè ti inú àkáǹtì Alájà fúnra wọn wá, tàbí ti ọmọ wọn, tàbí ti ilé iṣẹ́ wọn mìíràn tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ wo iye tó sún mọ́ ọn pẹ̀lú, nítorí ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin lè yọ owó orí lára rẹ̀ kí wọ́n tó san án, kí ohun tó wọlé sì dín díẹ̀ sí ₦360,000. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ìránnilétí mọ́. Ìwé ẹ̀rí owó orí tí wọ́n yọ ni kí ẹ béèrè, nítorí orúkọ yín ló yẹ kí wọ́n fi san án.

Ẹ tún wo ínfọ́ìsì náà fúnra rẹ̀. Kí ni ẹ kọ síbẹ̀ gan-an? Ẹlòmíràn á kọ "ọjọ́ 14" lásán, kò ní sọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Òun ń kà á láti ọjọ́ tó kó ọjà dé, akáńtáńtì oníbàárà ń kà á láti ọjọ́ tí ìwé dé orí tábìlì rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, láti ọjọ́ tí aṣọ dé ni, ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 30, kò sí àríyànjiyàn. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ ọjọ́ náà gan-an sórí ínfọ́ìsì: "Ọjọ́ ìsanwó: 30 Oṣù Kẹsàn-án." Ó sàn ju kí ẹni tí ń kà á máa ṣe ìṣirò lọ. Kí ẹ sì rí i dájú pé ínfọ́ìsì náà dé ọwọ́ wọn nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ pé inú báàgì aṣọ ni ẹ fi í sí, bóyá ẹni tó pín aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀yìn èyí ni ìbéèrè tó tóbi jù lójú mi: ta ni ẹ máa kọ ọ́ sí? Ẹ ní Alájà. Ṣé Alájà ló ń fi fóònù wọn san owó, àbí akáńtáńtì kan wà? Ẹ wo ìdajì àkọ́kọ́ tó wọlé: ta ló pè yín pé òun ti fi ránṣẹ́? Ẹni yẹn ni kí ẹ kọ̀wé sí. Bó bá jẹ́ akáńtáńtì ni, tí ẹ sì gba orí rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ Alájà lọ́jọ́ kejì, ẹjọ́ rẹ̀ ni ẹ fi sùn. Wọ́n á pè é, wọ́n á bá a wí, á san owó yín, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ míì bá délẹ̀, ìwé tiyín ló máa wà nísàlẹ̀. Kí ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú Alájà lórí ọ̀rọ̀ náà ti sọ ọ́ di ìfisùn bí gbólóhùn yín tilẹ̀ dùn bí oyin. Ẹ fi Alájà pa mọ́ fún ọjọ́ tí ẹ bá nílò wọn ní tòótọ́.

Mo máa gbà pé Alájà ló ń san án fúnra wọn, torí bí ẹ ṣe kọ ọ́ nìyẹn, pé orí Wásáàpù ni ẹ jọ ń sọ̀rọ̀, àti pé 0047 ni nọ́ńbà ínfọ́ìsì yín. Ohun tí èmi á kọ nìyí:

> Ẹ kú òwúrọ̀ o, Alájà. Ẹ kú ọdún òmìnira.
>
> Lórí ínfọ́ìsì 0047 ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín: ₦360,000, ìyókù owó yunifọ́ọ̀mù 40 tí a kó wá ní ọjọ́ 16 Oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ 30 ni àdéhùn wa pé. Títí di òwúrọ̀ yìí, owó náà kò tíì hàn nínú àkáǹtì wa.
>
> Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ bá mi fi rìsíìtì rẹ̀ ṣọwọ́ kí n lè béèrè rẹ̀ ní báńkì. Bí kò bá tíì jáde, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni kí n máa retí rẹ̀? Bí ìwé kan bá sì wà tí ẹ ṣì ń retí lọ́dọ̀ mi, ẹ sọ fún mi, màá mú un wá lónìí.
>
> Mo tún fi ínfọ́ìsì náà ránṣẹ́ sísàlẹ̀, pẹ̀lú wébìlì tí máníjà yín fọwọ́ sí. Nọ́ńbà àkáǹtì wa kò yí padà, èyí tó wà lórí ínfọ́ìsì náà ni.
>
> Ẹ ṣeun, mà. Àwọn aṣọ náà á gbó sí ire o.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibì kankan tí mo ti kọ "ẹ kò tíì san." Owó ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀: "owó náà kò tíì hàn nínú àkáǹtì wa." Èyí ju ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lásán lọ, òun gan-an ni òtítọ́ tí ẹ mọ̀. Ẹ rí àkáǹtì yín, ẹ kò rí tiwọn. Owó lè ti kúrò lọ́wọ́ wọn lálẹ́ àná kí ó há sáàárín báńkì méjì, gbogbo wa la ti rí i rí. Bí ẹ bá kọ pé wọn ò san, tí wọ́n sì ti san, ẹ ti pè wọ́n ní ohun tí wọn kì í ṣe. Bí ẹ bá kọ pé kò tíì hàn, kò sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yín fi lè di irọ́.

"Gbèsè" náà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni "ẹ jẹ mí" kò sí. Láyé àtijọ́, bí gbèsè bá le, ológò ni wọ́n ń rán síni. Á wá jókòó sí ilé onígbèsè, á máa yọ wọ́n lẹ́nu, á lè mú adìẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá kọjá níwájú rẹ̀, títí wọ́n á fi wá owó fún un. Ọ̀rọ̀ gbèsè ṣì gbé ojú ológò yẹn dání fún ẹni tó bá dàgbà. Èèyàn tó pẹ́ ọjọ́ kan kò tíì dé ibẹ̀. "Ìyókù owó" ni kí ẹ pè é, torí ohun tó jẹ́ nìyẹn: iṣẹ́ kan náà, owó kan náà, ìdajì rẹ̀ ti wọlé wọ́ọ́rọ́.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ "bóyá ẹ gbàgbé." Wọ́n rò pé ó ń fún oníbàárà ní ibi tó lè gbà yọ. Mo máa ń yọ ọ́ kúrò bí mo bá rí i nínú ìwé àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ àgbà la ń kọ ọ́ sí. Ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé ó gbàgbé, kí ó sì retí pé kí inú àgbà dùn. "Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ ṣeun púpọ̀" ṣí ilẹ̀kùn kan náà sílẹ̀ fún wọn, ó sì fi iyì wọn sílẹ̀ níbi tó wà. Bí wọ́n bá gbàgbé ní tòótọ́, àwọn fúnra wọn á sọ ọ́: "Háà, ọmọ mi, mo gbàgbé ni." Ẹnu wọn ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dára.

Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ fi "ẹ má bínú o, Alájà" bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé òun ṣẹ̀. Ẹ rán aṣọ 40, ẹ kó o dé lọ́jọ́ tó yẹ, ọjọ́ àdéhùn pé, ẹ béèrè. Níbo ni ẹ ti ṣẹ̀? Ìkíni àti "ẹ jọ̀ọ́" kan ṣoṣo tó. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé "ẹ jọ̀ọ́" náà síwájú ìbéèrè ọjọ́ ni, torí ibẹ̀ ni ohun tí ẹ ń tọrọ wà: ìdáhùn. Owó kọ́ ni ẹ ń tọrọ.

Bákan náà, ẹ má sọ ìnira tiyín. Mo ti rí ìránnilétí tó ní owó ilé ìwé àwọn ọmọ nínú, àti owó ṣọ́ọ̀bù, àti ìyá tó wà ní ọsibítù. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ kúrò lórí àdéhùn, ó gbé e sórí àánú. Alájà tó fẹ́ràn yín á ka ìwé náà, àánú yín á ṣe wọ́n, wọ́n á fi ₦50,000 ránṣẹ́ pé "ẹ kọ́kọ́ mú èyí lò ná," inú wọn á sì dùn pé àwọn ṣe yín lóore. ₦310,000 tó kù kò ní ọjọ́ mọ́. Ẹ̀yin náà kò ní lè tètè béèrè, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn yín lọ́wọ́ ni.

Ìbéèrè ọjọ́ yẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má yí padà. Bí ẹ bá béèrè pé "ṣé ẹ máa lè san án láìpẹ́?", ìdáhùn rẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni," kò sì sí ohun tí ẹ lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" ṣe. "À ń retí yín o" kò tilẹ̀ ní ìdáhùn, àtàǹpàkò lókè ni wọ́n máa fi dá a lóhùn. Àmọ́ "ọjọ́ wo ni kí n máa retí rẹ̀?" ń béèrè ohun tí kò nira láti sọ, kò sì fi dandan lé e pé òní ni. Ẹni tó ní owó á kúkú san án kó má bàa kọ ọjọ́. Ẹni tí kò tíì ní in á dá ọjọ́, ọjọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ dá sì máa ń lágbára lójú rẹ̀ ju èyí tó wà lórí ínfọ́ìsì lọ.

Gbólóhùn nípa nọ́ńbà àkáǹtì lè dà bí àsọdùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń wọ inú ímeèlì oníṣòwò, wọ́n á dúró de ọjọ́ tí owó bá fẹ́ wọlé, wọ́n á wá fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé sí oníbàárà pé àkáǹtì ti yí padà. Ìránnilétí ló bá ọgbọ́n wọn mu jù lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi nọ́ńbà tuntun sínú ìránnilétí láé, ì báà jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí báńkì mìíràn lóòótọ́. Bó bá di dandan kí ó yí padà, ẹ lọ bá wọn tàbí kí ẹ pè wọ́n kí wọ́n gbọ́ ohùn yín, kí ẹ sì ṣe ínfọ́ìsì tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ mú un rọrùn fún Alájà, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yẹn nìkan ránṣẹ́ bí iṣẹ́ kejì, láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un, kí wọ́n lè tẹ ọwọ́ mọ́ ọn kí wọ́n sì gbé e sínú ẹ̀rọ báńkì wọn. Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. "Ẹ kú òwúrọ̀ mà" lọ́tọ̀, ìdákẹ́, "ẹ kú ọdún mà" lọ́tọ̀, ìdákẹ́, irú ìyẹn máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé owó ló ń bọ̀, a sì máa sá fún un.

Àdúrà kan ní ìparí kò burú, òun ni mo ṣe fi "á gbó sí ire" síbẹ̀, ó sì bá aṣọ mu. Àdúrà márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ yẹra fún. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni fóònù ń fi hàn kí èèyàn tó ṣí iṣẹ́, bó bá sì jẹ́ àdúrà ló kún ibẹ̀, Alájà á ṣe "àmín" nínú ọkàn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ láìṣí i. Nọ́ńbà ínfọ́ìsì àti iye owó gbọ́dọ̀ tètè yọ lẹ́yìn ìkíni.

Bí ojú Alájà kò bá ríran dáadáa, tí wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n gbọ́ ohùn, ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà sórí fóònù kí ẹ fi ohùn náà tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Ohùn kò ṣe é wá bó bá di oṣù tó ń bọ̀, wọn ò sì lè gbé iye owó jáde nínú rẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ akáńtáńtì ni ẹ ń kọ ọ́ sí, ìkíni á kúrú, ímeèlì á sì sàn ju Wásáàpù lọ. Lórí ìlà àkọlé ímeèlì, kí ẹ kọ ohun tó lè fi wá a rí: "Ínfọ́ìsì 0047, ₦360,000, ọjọ́ ìsanwó 30 Oṣù Kẹsàn-án." Má kọ "Pàjáwìrì" síbẹ̀. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́fíìsì náà fi ń kọ̀wé, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ má yí padà. Ìbéèrè rẹ̀ ló máa yàtọ̀ díẹ̀: "Ṣé ó ti wà lára àwọn tí ẹ máa san lọ́sẹ̀ yìí, àbí ìwé kan ṣì kù?" Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù tí wọ́n ń san owó àwọn oníṣẹ́ pọ̀, akáńtáńtì kò sì lágbára láti san tiyín nìkan. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá orúkọ yín ti wà nínú ìwé ìsanwó tó ń bọ̀. Wébìlì tí wọ́n fọwọ́ sí ló sábà máa ń dá irú owó bẹ́ẹ̀ dúró, òun ni mo ṣe ní kí ẹ tún fi í ránṣẹ́ láìdúró kí wọ́n béèrè.

Àwọn òǹkàwé wa tó ń ṣòwò ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ fún mi pé òfin wà lẹ́yìn àwọn. Òótọ́ ni. Òfin kan wà níbẹ̀ láti ọdún 1998 tó gba oníṣòwò láàyè láti gba èlé lórí owó tí ilé iṣẹ́ mìíràn fi falẹ̀: ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, lórí iye tí báńkì àpapọ̀ wọn bá dá, pẹ̀lú owó ìtanràn tó bẹ̀rẹ̀ láti £40. Síbẹ̀, èmi kò ní fi í sínú ìwé ọjọ́ kejì. Ó máa ń sọ oníbàárà tó fẹ́ san di ẹni tó ń wá agbẹjọ́rò. Ìwé kejì tàbí ìkẹta ni àyè rẹ̀. Tiyín ní Ìbàdàn, bí èlé kò bá sí nínú àdéhùn yín, ẹ má dárúkọ rẹ̀ rárá, ẹ má sì sọ pé ẹ ò ní rán aṣọ fún wọn mọ́.

Ìdáhùn tó máa wá kò ju oríṣi mẹ́rin lọ. Bí wọ́n bá ní "a ti san," ẹ má jiyàn, ẹ má sì kọ "n kò rí i o." Ẹ dúpẹ́, kí ẹ tọrọ rìsíìtì, kí ẹ wo nọ́ńbà gígùn tó wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ `Session ID` sí. Báńkì yín lè fi nọ́ńbà yẹn tọpasẹ̀ owó náà. Ẹ wo nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lórí rìsíìtì náà lẹ́ẹ̀mejì, torí bí nọ́ńbà kan bá ṣì, ó lè gbé owó yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá dá ọjọ́, ká ní Ajé tó ń bọ̀, ẹ tún un kọ padà sí wọn: "Ẹ ṣeun, mà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: Ajé, ọjọ́ 6 Oṣù Kẹwàá." Kí ẹ má sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí Ajé á fi kọjá.

Èyí tó gba sùúrù ni bí wọ́n bá ní aṣọ kò dára, pé aṣọ mẹ́ta fún mọ́ àwọn agbóúnjẹ lára tàbí pé ọ̀já ọrùn àwọn kan tú. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ìránnilétí ti parí. Ẹ má sọ pé "kí ló dé tí ẹ ò sọ tẹ́lẹ̀?" bó tilẹ̀ wù yín. Ẹ béèrè pé mélòó ni, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ẹ lọ kó wọn kí ẹ tún wọn ṣe. Bó bá jẹ́ mẹ́ta nínú 40, ẹ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè pé kí wọ́n san ti 37 ná. Iye ti mẹ́ta jẹ́ ₦54,000, nítorí náà ₦306,000 ni ẹ máa béèrè. Ẹni tó ń wá àwáwí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ìṣirò báyìí, ẹni tí aṣọ bà nínú jẹ́ lóòótọ́ á sì rí i pé ẹ gbọ́ òun.

Ìdákẹ́ ni ìkẹrin. Ẹ wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà lórí Wásáàpù: bó bá jẹ́ àmì kan ṣoṣo, kò tíì dé ọwọ́ wọn, dátà wọn lè ti tán, nítorí náà ẹ pè wọ́n kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ kọ̀wé. Bó bá ti dé tí wọn ò fèsì, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé kejì a máa le díẹ̀ ju èyí lọ, a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ bó bá di dandan, ṣùgbọ́n nínú irú ọ̀rọ̀ tiyín yìí, tí ìdajì owó ti wọlé láìsí wàhálà, mi ò rò pé ẹ máa nílò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àlẹ́ẹ̀tì bá wọlé, ẹ kọ sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an: "Owó ti wọlé, Alájà, ₦360,000, ínfọ́ìsì 0047 ti parí," kí ẹ sì fi rìsíìtì tẹ̀ lé e.